Àròpọ̀ 1/n^1.5: ẹyọ mélòó ni kí n rò kí àṣìṣe má ju 0.01 lọ?

ọmọ_kíláàsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Wọ́n fún wa ní àròpọ̀ aláìlópin kan:

1 + 1/2^1.5 + 1/3^1.5 + 1/4^1.5 + …

Wọ́n ní kí a wá iye rẹ̀, kí àṣìṣe má ju 0.01 lọ. Mo mọ̀ pé p rẹ̀ jẹ́ 1.5, ó ju 1 lọ, nítorí náà àròpọ̀ náà ní ibi tó ń lọ. Ibi tó ti dojú rú fún mi ni iye ẹyọ tí màá rò kí n tó dáwọ́ dúró. Mo lo íntígírà bí wọ́n ṣe kọ́ wa, mo sì rí i pé ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹyọ N kò lè tó 2/√N. Nígbà tí mo ní kí 2/√N jẹ́ 0.01, N já sí 40,000. Ọ̀kẹ́ méjì ẹyọ! Ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ nìkan ni wọ́n máa ń jẹ́ ká mú wọ yàrá ìdánwò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ká ṣe é lóòótọ́, àbí ọ̀nà mìíràn wà?

àlejò_tuntun

Èmi ò rí ìṣòro níbẹ̀. O ti sọ pé p ju 1 lọ. Àròpọ̀ náà kò ní máa pọ̀ lọ láìdúró, ó parí. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé rẹ.

ọmọ_kíláàsì

Ẹ ṣé, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni wọ́n bi wá. Pé ó ní ibi tó ń lọ, a ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà tó ń lọ bá gan-an ni wọ́n ní ká wá.

ìṣirò_dùn

Má jẹ́ kí 40,000 dẹ́rù bà ọ́ rárá. Ẹyọ tó kàn ni kí o máa wò. Nígbà tí ẹyọ tó kàn bá ti kéré sí 0.01, kò sí ohun tó ṣẹ́ kù tó lè ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ mọ́. Ẹyọ kọkànlélógún jẹ́ 0.0104, ẹyọ kejìlélógún jẹ́ 0.0097. Torí náà ro ẹyọ mọ́kànlélógún pọ̀ kí o sì dáwọ́ dúró. Bí a ṣe máa ń ṣe é nígbà tí èmi náà wà ní kíláàsì nìyẹn, a sì máa ń gbà á.

bàbá_íntígírà

ìṣirò_dùn, òfin tí o sọ yẹn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹyọ kan bá jẹ́ ti àfikún, tí èyí tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti àyọkúrò, tí wọ́n ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìwọ̀n wọn sì ń dín kù títí tó fi ń lọ sí òdo, ẹyọ tó kàn ló máa sọ fún ọ bí àṣìṣe ṣe lè pọ̀ tó. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí ẹyọ kan fi kún un, èyí tó tẹ̀ lé e á gbà lára rẹ̀. Nínú àròpọ̀ ọmọ yìí, kò sí èyí tó ń gba nǹkan padà. Gbogbo wọn ló ń fi kún un. Ẹyọ kejìlélógún kéré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹyọ kẹtàlélógún fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, ẹyọ kẹrìnlélógún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o, wọn kò sì lópin.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó. Bí o bá dúró ní ẹyọ kọkànlélógún, ohun tó ṣẹ́ kù wà láàárín 2/√22 àti 2/√21, ìyẹn 0.426 sí 0.436. Àṣìṣe tí wọ́n gbà wá láyè ni 0.01. Èyí ju ìlọ́po ogójì rẹ̀ lọ.

Wàyí o, ọmọ_kíláàsì. Iṣẹ́ tí o ṣe kò ní àléébù, ìdajì rẹ̀ ni o tíì ṣe. Ya gíráàfù 1/x^1.5 sórí ìwé. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí x ṣe ń pọ̀ sí i. Fi àpótí dípò ẹyọ kọ̀ọ̀kan: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1, gíga rẹ̀ jẹ́ iye ẹyọ náà. Bí o bá gbé àpótí ẹyọ n sí apá òsì, láti n−1 dé n, gbogbo rẹ̀ á wọ abẹ́ ìlà náà, nítorí pé gíráàfù kò tíì sọ̀ dé gíga yẹn àfi ní n fúnra rẹ̀. Bí o bá gbé àpótí kan náà sí apá ọ̀tún, láti n dé n+1, orí rẹ̀ á yọ sókè ìlà. Jẹ́ kí á pe ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹyọ N ní ìrù, R_N. Tí gbogbo àpótí ìrù bá wà lápá òsì, abẹ́ ìlà láti N lọ ló gbà wọ́n. Tí wọ́n bá wà lápá ọ̀tún, wọ́n bo abẹ́ ìlà láti N+1 lọ, wọ́n sì tún ṣẹ́ kù. Ohun tí ó bí nìyí:

2/√(N+1) < R_N < 2/√N

Apá ọ̀tún nìkan ni o lò. O lò ó láti fi mọ̀ pé ìrù náà kéré tó láti jù nù. Apá òsì ń sọ ohun tó wúlò ju ìyẹn lọ: kò sí ìdí láti jù ú nù rárá, nítorí pé a ti mọ ibi tó wà. Ààlà méjèèjì sún mọ́ ara wọn gidigidi, kódà nígbà tí ìrù fúnra rẹ̀ ṣì tóbi. Nítorí náà ro ẹyọ díẹ̀ pọ̀, fi àárín ààlà méjèèjì kún un dípò ìrù. Àṣìṣe rẹ kò ní lè ju ìdajì àlàfo tó wà láàárín wọn lọ.

Wá N tó bá ìyẹn mu, ṣe ìṣirò náà, kí o gbé e wá síbí.

ọmọ_kíláàsì

Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ti ṣe é, ẹ bá mi wò ó.

Àlàfo náà jẹ́ 2/√N − 2/√(N+1). Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 1/√N − 1/√(N+1), òun ni kò gbọ́dọ̀ ju 0.01 lọ. Mi ò mọ bí màá ṣe yanjú ìyẹn tààrà, torí náà nọ́ńbà ni mo ń fi sí i títí. Nígbà tí N jẹ́ 13, mo rí 0.01009, ó fi díẹ̀ kọjá. Nígbà tí N jẹ́ 14, mo rí 0.00906. Ẹyọ mẹ́rìnlá!

Mo ro wọ́n pọ̀, láti 1, 0.353553, 0.192450, 0.125 títí dé ẹyọ kẹrìnlá tó jẹ́ 0.019090. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2.087228.

Ààlà ìsàlẹ̀ ìrù: 2/√15 = 0.516398.
Ààlà òkè ìrù: 2/√14 = 0.534522.

Torí náà iye tí a ń wá wà láàárín 2.603625 àti 2.621750. Àárín wọn jẹ́ 2.612688. Ṣé òun ni ìdáhùn?

bàbá_íntígírà

Òun ni. 2.6127, àṣìṣe kò sì lè ju 0.0091 lọ. Iye tòótọ́, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti wá títí dé ọ̀pọ̀ ojú lẹ́yìn désímà, bẹ̀rẹ̀ báyìí: 2.612375. O rí i pé ó wà nínú àlàfo rẹ.

Bí o kò bá fẹ́ máa dán nọ́ńbà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mọ̀ pé 1/√N − 1/√(N+1) fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1/(2·N^1.5). Jẹ́ kí ìyẹn jẹ́ 0.01, N^1.5 á jẹ́ 50, N á jẹ́ nǹkan bí 13.6. Lẹ́yìn náà, fi 13 àti 14 sínú èyí tó péye láti rí i dájú. Má ṣe fi ti ìfojúbù parí iṣẹ́. Ó ń tọ́ka ibi tí wàá wò ni.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí o fi ṣọ́ra pẹ̀lú ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́. Nínú 0.01 tí wọ́n fún ọ, o ti ná 0.00906. Ohun tó ṣẹ́ kù fún gígé nọ́ńbà kò tó 0.001. Bí o bá gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ojú mẹ́ta lẹ́yìn désímà, ẹyọ mẹ́rìnlá lè kó àṣìṣe tó 0.007 jọ, iṣẹ́ rẹ ti bàjẹ́ nìyẹn. O fi ojú mẹ́fà ṣe é, ìyẹn tó.

arábìnrin_gíráàfù

Ọmọ, o ṣe é dáadáa. Jẹ́ kí n fi ọ̀nà kan hàn ọ́ tí wàá fi mọ̀ bí o bá ti gbé N sí ibi tó yẹ kí N+1 wà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Fi ẹyọ kan kún un, kí o sì tún àlàfo rẹ ṣe. Ẹyọ kẹẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 0.017213, àròpọ̀ á di 2.104441. Ààlà ìrù á wá jẹ́ 2/√16, ìyẹn 0.5 gééré, àti 2/√15, ìyẹn 0.516398. Àlàfo tuntun bẹ̀rẹ̀ láti 2.604441, ó parí sí 2.620839.

Wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ìsàlẹ̀ gòkè, òkè sọ̀ kalẹ̀. Àlàfo tuntun wà nínú ti àtijọ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa rí nígbà gbogbo, bí o ti wù kí o fi ẹyọ kún un tó. Bí o bá rí àlàfo tuntun tó yọ orí síta lára èyí tó ṣáájú, ọ̀kan nínú méjì ló ṣẹlẹ̀: o ka ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí o fò ó, tàbí kẹ̀, N inú àròpọ̀ rẹ kì í ṣe N inú íntígírà rẹ.

ìṣirò_dùn

Bàbá, mo gbà pé òfin tí mo mú wá kì í ṣe ti ibí. Ṣùgbọ́n 40,000 yẹn ṣì ń ṣe mí ní kàyéfì. Ààlà òkè lásán ni 2/√N. Ààlà òkè máa ń sọ ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣé kò lè jẹ́ pé bí ènìyàn bá ro ẹyọ 20,000 péré pọ̀, láì fi ohunkóhun kún un, àṣìṣe á ti wọ inú 0.01?

bàbá_íntígírà

Ìbéèrè tó dára gan-an nìyẹn, ìwọ̀nba ènìyàn ló máa ń bi í. Ààlà òkè nìkan kò lè dá ọ lóhùn. Ó ń sọ pé 40,000 tó, kò sọ pé ohun tó kéré sí i kò tó. Ààlà ìsàlẹ̀ ló ní èsì. Fi 20,000 sí i: ìrù ju 2/√20001 lọ, ìyẹn 0.0141. Kò tó.

Tẹ̀ síwájú sí i. Fi 39,999 sí i. Ìrù ju 2/√40000 lọ, ìyẹn 0.01 gééré. Ó kọjá. Fi 40,000 sí ààlà òkè. Ìrù kéré sí 2/√40000, ìyẹn 0.01 gééré. Ó wọlé. Nítorí náà 40,000 ni N tó kéré jù lọ tó lè ṣiṣẹ́ bí a kò bá fi nǹkan kún àròpọ̀ náà, kò sí ẹyọ kan tí a lè yọ níbẹ̀. Ààlà méjèèjì ló pa ẹnu pọ̀ sọ ọ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún ọmọ_kíláàsì pé kò ṣì í ṣe. Bí ìbéèrè bá sọ pé «wá N tí àròpọ̀ ẹyọ N àkọ́kọ́ fi jìnnà sí iye tòótọ́ ní ohun tí kò ju 0.01 lọ», 40,000 ni ìdáhùn, kí o má kọ 14 síbẹ̀. Bí wọ́n bá ní «wá iye àròpọ̀ náà», 14 tó. Ọmọ, ka ọ̀rọ̀ ìbéèrè náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

ọmọ_kíláàsì

«Wá iye rẹ̀» ni wọ́n kọ, sà. Mo tún lọ wò ó.

kóòdù_lóru

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo tèmi, àròpọ̀ kan náà ni. Èmi ní kọ̀ǹpútà, torí náà mi ò ro ti íntígírà rárá. Mo kọ kóòdù tó ń ro ẹyọ pọ̀ láti n = 1 lọ sókè, mo sì ní kó dúró nígbà tí nọ́ńbà náà kò bá yí padà mọ́. `float` ni mo fi tọ́jú rẹ̀. Ó dúró lóòótọ́, ó fún mi ní 2.60 àti díẹ̀. Mo rò pé nígbà tí nọ́ńbà kò bá yí mọ́, a ti débẹ̀ nìyẹn. Kí ló dé tí ẹ̀yin fi ń sọ 2.6124?

arábìnrin_gíráàfù

Kọ̀ǹpútà rẹ ló dúró, àròpọ̀ náà kò dúró. `float` tó jẹ́ bíìtì 32 kì í tọ́jú ju nǹkan bí dígíìtì méje lọ. Láàárín 2 àti 4, ìṣísẹ̀ tó kéré jù tó lè gbé jẹ́ nǹkan bí 0.00000024. Ohun tí kò bá tó ìdajì ìṣísẹ̀ yẹn, bí o bá rò ó mọ́ nọ́ńbà náà, yóò pòórá, nọ́ńbà náà á sì wà bó ṣe wà. 1/n^1.5 sì kéré sí ìdajì yẹn nígbà tí n bá ti kọjá nǹkan bí 41,000. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ẹyọ tí o ń fi kún un ń ṣòfò. Ìrù tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ẹyọ 41,000 jẹ́ nǹkan bí 0.0099, kò sì sí ìkankan nínú rẹ̀ tó wọlé. Àwọn ẹyọ tó ṣáájú níbẹ̀ náà ti ń wọlé ní ìṣísẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ń pọ̀ jù tàbí kí wọ́n dín, nítorí náà ojú kẹta lẹ́yìn désímà kò ṣeé gbára lé mọ́.

Kódà bí o bá yí i padà sí bíìtì 64, má ṣe fi «nọ́ńbà kò yí mọ́» ṣe àmì ìdúró. Pẹ̀lú àròpọ̀ irú èyí, bí ìṣísẹ̀ ṣe kéré kò sọ nǹkan kan nípa bí ọ̀nà ṣe kù tó. Ìrù ni kí o wọ̀n. Láìní lọ jìnnà:

```python
from math import sqrt
N = 14
S = sum(n**-1.5 for n in range(N, 0, -1))
print(S + 2/sqrt(N+1), S + 2/sqrt(N))
```

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹyọ tó kéré jù wá sí èyí tó tóbi jù, kí àwọn kékeré lè kóra jọ kí wọ́n tó pàdé ńlá. Ní N = 14 kò ní yàtọ̀ tó ohun tí a lè rí, ṣùgbọ́n bí o bá gbé N lọ sókè gan-an, ó máa ń ṣe ìrànlọ́wọ́.

kóòdù_lóru

Mo ti yí i padà sí bíìtì 64, mo sì fi N = 1000 sí i. Nọ́ńbà méjì tó jáde fi ara kanra títí dé ojú kẹrin lẹ́yìn désímà. Ẹ ṣeun.

arábìnrin_gíráàfù

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ ọmọ_kíláàsì tí mo fẹ́ padà sí, nítorí ó ń wù mí. Ó fi 2.612688 parí. Iye tòótọ́ jẹ́ 2.612375. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.0003, bẹ́ẹ̀ 0.009 ni a ṣe ìlérí. Ó dára ju ìlérí lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ọgbọ̀n. Kí ló fà á?

Ẹ padà sórí gíráàfù. Ìlà náà kì í kàn sọ̀ kalẹ̀ lásán, ó tẹ̀ bí ikùn abọ́: ó sọ̀ kíákíá lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni ó wá ń rọra sọ̀. Dípò kí ẹ gbé àpótí sí apá òsì tàbí apá ọ̀tún n, ẹ gbé e sí àárín, láti n−½ dé n+½. Apá kan lára rẹ̀ á yọ sókè ìlà, apá kejì á fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ ìlà. Nítorí bí ìlà ṣe tẹ̀, àyè tó fi sílẹ̀ máa ń ju èyí tó yọ lọ, díẹ̀ báyìí. Ìyẹn ni pé ìrù kéré sí íntígírà láti N+½. Ní tiwa, ó kéré sí 2/√14.5, ìyẹn 0.525226. Ààlà òkè tuntun nìyẹn, ó sì lágbára ju 0.534522 lọ.

Fún ìsàlẹ̀, ẹ so orí àwọn ẹyọ pọ̀ mọ́ra wọn pẹ̀lú ìlà gbọọrọ láti N+1 lọ. Ìlà gbọọrọ náà wà lókè ìlà tó tẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí i pé ìrù ju 2/√(N+1) pẹ̀lú ìdajì ẹyọ N+1 lọ. Ní tiwa: 0.516398 + 0.008607 = 0.525004, nígbà tí a bá gé e sí ojú mẹ́fà.

Ẹ fi 2.087228 kún méjèèjì. Iye tòótọ́ wà láàárín 2.612232 àti 2.612454. Ẹyọ mẹ́rìnlá kan náà ni o, a kò fi ẹyọ kankan kún un. Àlàfo tó jẹ́ 0.018 tẹ́lẹ̀ ti di 0.00022.

bàbá_íntígírà

Bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹni tó bá lò ó rántí pé ó gba pé kí ìlà náà tẹ̀ sí apá kan ṣoṣo láti ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìrù. 1/x^p máa ń tẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo, nítorí náà ẹ̀rù kò sí níbí. Ẹni tó bá gbé e lọ sí àròpọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó. Àti pé bí àlàfo bá ti tẹ́ẹ́rẹ́ tó èyí, ojú mẹ́fà lẹ́yìn désímà kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ mọ́. Fi ojú mẹ́jọ ṣe é.

ìṣirò_dùn

Èyí mú mi rántí nǹkan. Bí olùkọ́ bá ní «kí ó tọ̀nà dé ojú méjì lẹ́yìn désímà» ńkọ́? Ṣé àṣìṣe tí kò ju 0.005 lọ ni, àbí kí ojú méjèèjì jẹ́ ti iye tòótọ́ gan-an?

bàbá_íntígírà

Lójú tèmi, àṣìṣe tí kò ju 0.005 lọ ni. Pẹ̀lú àárín ààlà méjèèjì àkọ́kọ́, N = 22 máa ṣe é. 21 kò tó, ìdajì àlàfo rẹ̀ jẹ́ 0.00502, ó fi bíńtín kọjá.

arábìnrin_gíráàfù

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àlàfo tí ó fẹ̀ tó 0.009 lè bẹ̀rẹ̀ níbi tí gígé nọ́ńbà fi ń di 2.61, kó sì parí sí ibi tó ti ń di 2.62. Ta ni yóò wá sọ èyí tó tọ̀nà? Èmi máa ń fẹ́ kí òpin méjèèjì àlàfo náà di nọ́ńbà kan náà nígbà tí a bá gé wọn. 2.612232 àti 2.612454, méjèèjì di 2.61. Ìgbà yẹn ni màá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú méjì tọ̀nà.

bàbá_íntígírà

Tìrẹ le ju tèmi lọ, kò burú. Ṣùgbọ́n o kò lè mọ N tí ìyẹn máa gbà kí o tó ṣe ìṣirò náà, nítorí ó dá lé ibi tí iye tòótọ́ bọ́ sí. Bó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gé nọ́ńbà, N lè pọ̀ gan-an. 0.005 ṣeé ṣètò sílẹ̀ ṣáájú. Kí ọmọ bi olùkọ́ rẹ̀ léèrè èyí tí wọ́n ń lò.

p_kékeré

Ẹ kú ìjókòó o. Tèmi le ju tiyín lọ. p tèmi jẹ́ 1.1, àṣìṣe kan náà, 0.01. Nígbà tí mo lo ààlà òkè nìkan, ìrù kéré sí 10/N^0.1, N tí mo rí sì jẹ́ 10^30. Kò sí kọ̀ǹpútà tó máa ro ìyẹn tán. Mo fẹ́ sọ pé kò ṣeé ṣe ni.

ọmọ_kíláàsì

Ẹ jẹ́ kí èmi gbìyànjú rẹ̀. Ààlà ìrù jẹ́ 10/(N+1)^0.1 àti 10/N^0.1. Bí bàbá ṣe fi hàn mí, ìdajì àlàfo fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1/(2·N^1.1), torí náà N^1.1 gbọ́dọ̀ tó 50, N á jẹ́ nǹkan bí 35. Mo fi 35 sínú èyí tó péye: 7.00799 òkè, 6.98827 ìsàlẹ̀, ìdajì àlàfo jẹ́ 0.00986. Ó wọlé.

Mo ro ẹyọ márùndínlógójì pọ̀, ó jẹ́ 3.58642. Iye tòótọ́ wà láàárín 10.57469 àti 10.59441, mo mú àárín rẹ̀, 10.58455.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé gbogbo ohun tí mo fi ọwọ́ rò kò tó 3.6, bẹ́ẹ̀ ìrù fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 7. Ìrù ju ara lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì, síbẹ̀ àṣìṣe kò tó 0.01.

p_kékeré

Ó yé mi wàyí. Ẹyọ márùndínlógójì dípò 10^30! Màá fi N+½ ti arábìnrin_gíráàfù ṣe é lálẹ́ yìí, kí n wo bí N ṣe máa kéré tó fún 0.0001. Bí p bá tún sún mọ́ 1 ju bẹ́ẹ̀ lọ ńkọ́, bíi 1.001? Ṣé gígé nọ́ńbà nínú ìrù kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wàhálà nígbà tí ìrù bá ti tó 1000?

arábìnrin_gíráàfù

Yóò ṣe é. Iye tí o ń wá náà á ju 1000 lọ, àṣìṣe 0.01 lára rẹ̀ á sì gbà pé kí o mọ 1000/N^0.001 dé dígíìtì mẹ́fà ó kéré tán. Bíìtì 64 á gbé e láìsí ìṣòro, ẹ̀rọ ìṣirò ọwọ́ tó ń fi dígíìtì mẹ́jọ hàn á máa sún mọ́ etí. N fúnra rẹ̀ kò ní pọ̀, mo rò pé kò ní jìnnà sí 50. Ṣe é, kí o gbé àlàfo méjì tó tẹ̀ léra wá síbí, ká wò ó bóyá ọ̀kan wà nínú èkejì.